Ẹ sọ ibi tí ẹ wà, ẹ sọ oṣù tí ọ̀rọ̀ ṣẹlẹ̀, kí a tó dá yín lóhùn lórí owó oṣù

Ìbéèrè kan wà tó ń dun mí gan-an bí mo bá ti rí i: "Ẹ jọ̀ọ́, èló ni owó oṣù tó kéré jù báyìí?" Ẹni tó béèrè kò ní sọ ìpínlẹ̀ tó wà, kò ní sọ irú ẹni tó gbà á síṣẹ́, kò ní sọ oṣù tí wahala rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Àwa tí à ń dáhùn náà kò ní bi í. Kí ẹ tó ṣẹ́jú, ẹnì kan á ní ₦30,000 ni, ẹlòmíì á ní ₦70,000 ni, ará Òṣogbo á ní ₦75,000 ni, ẹni tó ń gbé Èkó á ní gbogbo yín ò mọ nǹkan kan, ₦85,000 ni. Àríyànjiyàn á wá bẹ̀rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀, kò sí ẹni tó parọ́ nínú wọn. Ààrẹ Buhari ló fọwọ́ sí òfin ₦30,000 ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹrin 2019. Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí ti ₦70,000 ní ọjọ́ 29 oṣù Keje 2024, òun sì ni ti gbogbo Nàìjíríà. ₦75,000 ni Gómìnà Adélékè fọwọ́ sí níparí 2024 fún àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba Òṣun. ₦85,000 ni Èkó kéde fún àwọn òṣìṣẹ́ tirẹ̀ lọ́dún kan náà. Ìpínlẹ̀ kan ṣoṣo pàápàá lè ní iye méjì láàárín ọdún kan: ní 2025, Ímò gbé tirẹ̀ láti ₦76,000 lọ sí ₦104,000.

Ohun tó ń bí mi nínú ni pé ìdáhùn tí kò ní ọjọ́ àti ibi máa ń gba owó lọ́wọ́ ẹni tó yẹ kó rí owó gbà. Ẹ wo ọ̀rọ̀ obìnrin kan tó jẹ́ tíṣà ní ilé-ìwé aládàáni kan níbí ní Òṣun. ₦40,000 ni wọ́n ń san fún un lóṣù ní gbogbo 2024, títí tó fi kúrò níparí oṣù Kọkànlá. Ó béèrè ìbéèrè yìí gan-an lọ́wọ́ àwọn èèyàn, wọ́n ní ₦75,000 ni. Ó yọ ₦40,000 kúrò nínú rẹ̀, ó ku ₦35,000, ó sọ ọ́ di oṣù mọ́kànlá, ó di ₦385,000. Ó kọ lẹ́tà, ó gbé e lọ fún wọn. Akántáǹtì ilé-ìwé náà kà á, ó ní, "Ṣé ìjọba ìpínlẹ̀ ni wá ni, màdámù?" Ó dá lẹ́tà padà fún un. Obìnrin yìí lọ sílé pẹ̀lú èrò pé òfin kò dá sí ọ̀rọ̀ òun rárá.

Òfin dá sí i. Iye tó kọ ni kò tọ̀nà, nítorí pé àwọn tó dá a lóhùn kò bi í ní ohun mẹ́ta.

Àkọ́kọ́ ni ẹni tó gbà á síṣẹ́. Nínú ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999, ìjọba àpapọ̀ nìkan ló ní àṣẹ láti ṣòfin lórí owó oṣù tó kéré jù. Gómìnà lè san ju iye yẹn lọ fún àwọn òṣìṣẹ́ tirẹ̀, èyí tí ìjọba Òṣun sì ṣe ní Abẹ́rẹ́ nìyẹn, àmọ́ ₦75,000 náà kò de ilé-ìwé aládàáni. ₦70,000 ló dè é.

Ìkejì ni bí àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ṣe pọ̀ tó. Láti 2019, ibi tí òṣìṣẹ́ kò bá ti tó 25 kò sí lábẹ́ òfin yìí. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tí kì í ṣiṣẹ́ ní kíkún ọjọ́, àti ẹni tí wọ́n ń sanwó fún níwọ̀n iṣẹ́ tó bá ṣe tàbí níwọ̀n ọjà tó bá tà. Tí wọ́n bá ń ka èèyàn ní ilé-ìwé, tíṣà nìkan ni ọ̀pọ̀ máa ń kà. Akọ̀wé, awakọ̀, agbálẹ̀ àti ọlọ́dẹ náà jẹ́ òṣìṣẹ́. Nígbà tí a kà wọ́n pa pọ̀ níbi iṣẹ́ obìnrin yìí, wọ́n jẹ́ 31, ojoojúmọ́ ló sì ń wọ iṣẹ́ láàárọ̀ títí di ìgbà tí wọ́n bá jáde. Òfin kàn án.

Ìkẹta ló máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu jù: iye tó ń ṣiṣẹ́ lóṣù tí gbèsè jẹ ni a fi ń ṣírò gbèsè, kì í ṣe iye tó wà lóde lọ́jọ́ tí a ń béèrè. Láti oṣù Kìíní títí di ọjọ́ 28 oṣù Keje 2024, ₦30,000 ni òfin wí. ₦40,000 ló ń gbà, kò sí ohun tí wọ́n jẹ ẹ́ fún àkókò yẹn. Láti ọjọ́ 29, ó di ₦70,000, ₦30,000 ló sì ń dín lóṣù kọ̀ọ̀kan. Oṣù Kẹjọ dé oṣù Kọkànlá jẹ́ oṣù mẹ́rin, ìyẹn ₦120,000. Ọjọ́ mẹ́ta tó gbẹ̀yìn oṣù Keje náà wà níbẹ̀: ẹ pín ₦30,000 sí ọ̀nà 31, ẹ mú mẹ́ta níbẹ̀, ó jẹ́ nǹkan bíi ₦2,900. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi ₦122,900. Ó kéré púpọ̀ sí ₦385,000, àmọ́ òun ni owó tí èèyàn lè gbé lọ sí ọ́fíìsì ilé-iṣẹ́ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, kí akántáǹtì má rí ibi tì í lulẹ̀. Ní tèmi, àwa tí à ń dáhùn ni ẹ̀bi pọ̀ sí lọ́rùn. Ẹni tí ebi ń pa lè gbàgbé láti sọ oṣù. Kí ló dé tí àwa náà fi gbàgbé láti bi í?

Ẹ tún ṣọ́ra fún iye tí kò di òfin rí. Láàárín 2024, nígbà tí ìjọba àti ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ń fa ọ̀rọ̀ náà, ₦62,000 àti ₦250,000 gba orí fóònù káàkiri. Àbá ni méjèèjì. Síbẹ̀ mo ṣì ń rí ẹni tó ń fi ₦62,000 ránṣẹ́ bí ẹni pé wọ́n ti fọwọ́ sí i. Bí iṣẹ́ tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí yín bá ní "ìjọba ti kéde" tí kò sọ ìjọba wo, tí kò sọ ọjọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí i, ẹ má fi ṣírò owó ẹnikẹ́ni.

Bí ẹ bá fẹ́ béèrè, ẹ kọ ọ́ báyìí: "Òṣogbo ni mo wà, ilé-iṣẹ́ aládàáni ni, a ju 25 lọ, oṣù Kẹjọ sí Kọkànlá 2024 ni ọ̀rọ̀ mi. Èló ló yẹ kí wọ́n san?" Ẹni tó bá sì fẹ́ dáhùn, kó kọ ọjọ́ òfin náà mọ́ iye tó bá sọ. Òfin 2024 ti dín ọdún márùn-ún tí wọ́n fi ń tún owó náà gbé yẹ̀ wò kù sí mẹ́ta, nítorí náà 2027 ló tún kàn. Tí wọ́n bá ti fọwọ́ sí iye mìíràn nígbà tí ẹ bá ń ka èyí, ₦70,000 tí mo kọ síbí yóò ṣì wúlò fún oṣù tí ó ti kọjá kí tuntun tó bẹ̀rẹ̀, kò ní wúlò fún èyí tó tẹ̀ lé e.