Abẹ́rẹ́ yẹ́lò kì í ṣe ààbò: ohun tó ń mú kí sámọ́rè máa padà sára màlúù

Láàárín àwọn tó ń sin màlúù ní Òkè Ògùn, ìgbàgbọ́ kan ti ta gbòǹgbò: bí a bá ti gún gbogbo agbo ní lẹ́búlẹ́bú yẹ́lò tí wọ́n ń pò mọ́ omi yẹn, eṣinṣin tsẹtsẹ kò lè fi sámọ́rè, àrùn tí kòkòrò inú ẹ̀jẹ̀ ń fà, ṣe wọ́n mọ́ títí oṣù méjì tàbí mẹ́ta. Bẹ́rẹ́nìl ni ọ̀pọ̀ ń pe gbogbo irú lẹ́búlẹ́bú náà, ilé-iṣẹ́ yòówù kó ṣe é. Dimínásìn ni orúkọ oògùn inú rẹ̀, ìwòsàn ló sì wà fún. Kòkòrò tó bá bá nínú ẹ̀jẹ̀ lọ́jọ́ tí a gún un ló ń pa. Ó máa ń tètè jáde lára, èyí tó bá sì ṣẹ́kù kò lè dá àkóràn tuntun dúró ju ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lọ. Màlúù tí a gún lónìí, tó sì ń lọ mumi lójoojúmọ́ ní etídò tí igi ṣíji bò, lè tún kó àrùn náà kí oṣù tó yí po.

Ohun tó jẹ́ kí ìgbàgbọ́ yìí dà bí òótọ́ kò ṣòroó rí. Ẹran tó ti ń joro máa ń jẹun dáadáa lẹ́yìn abẹ́rẹ́, irun rẹ̀ á sì máa dán. Bí abẹ́rẹ́ náà bá tún bọ́ sí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí eṣinṣin sá lọ sí bèbè odò tí ọrinrin ṣì wà, agbo lè gbádùn oṣù mélòó kan. Abẹ́rẹ́ la máa ń yìn fún un, nígbà tó jẹ́ pé ojú ọjọ́ ló ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ náà. Kí òjò tó fìdí múlẹ̀ tán, àwọn kan náà á tún ti bẹ̀rẹ̀ sí í rù, olówó ẹran á ní ayédèrú ni wọ́n tà fún òun. Ayédèrú wà lọ́jà lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ló jẹ̀bi lọ́pọ̀ ìgbà.

Ìwọ̀n oògùn ló máa ń kọ́kọ́ bàjẹ́. Mílígírámù 3.5 fún kílò kan ìwúwo ni ìwọ̀n tó yẹ. Sáṣẹ́ẹ̀tì kékeré tí ó wọ́pọ̀ ní gírámù 2.36, ṣùgbọ́n gírámù 1.05 péré nínú rẹ̀ ni dimínásìn. Ìyókù jẹ́ ohun tí wọ́n fi ràn án lọ́wọ́. Bí omi rẹ̀ bá pé mílílítà 15 lẹ́yìn pípò, mílílítà 5 ló tọ́ sí ọgọ́rùn-ún kílò ẹran. Sáṣẹ́ẹ̀tì kan kò wá ju ọ̀ọ́dúnrún kílò lọ. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára èyí tí ẹ rà kí ẹ tó pò ó, nítorí kì í ṣe gbogbo wọn ló bá ara wọn mu.

Ẹ jẹ́ ká mú abo màlúù funfun kan bí àpẹẹrẹ. A fi téèpù télọ̀ wọn àyíká àyà rẹ̀ lẹ́yìn ẹsẹ̀ iwájú gan-an, ó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 150. A wọn ún láti orí egungun èjìká dé egungun ìdí, ó jẹ́ 125. A sọ 150 di púpọ̀ nípa ara rẹ̀, a tún fi 125 sọ ọ́ di púpọ̀, a wá fi 10,840 pín in: ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 260 kílò. Mílílítà 13 ló yẹ kó gbà. Mílílítà mẹ́wàá ni ọ̀pọ̀ máa ń fún gbogbo àgbà màlúù láìwọn nǹkan kan, ìyẹn mú ìwọ̀n náà wálẹ̀ sí 2.7. Ẹni tó bá pín sáṣẹ́ẹ̀tì kan fún irú ẹran bẹ́ẹ̀ méjì kí owó má baà pọ̀, ìwọ̀n 2 ló gún wọn. Kòkòrò tó lágbára díẹ̀ kò ní í kú sínú irú èyí. Òun ni yóò yè, tí yóò máa bí sí i, tí eṣinṣin yóò sì gbé lọ fún ẹran tó kù. Bí agbo kan ṣe ń di èyí tí oògùn kò ràn mọ́ nìyẹn.

Inú ẹran ara tó jìn ni ká gún un sí, lọ́rùn tàbí nídìí, kó má sì ju mílílítà 10 lọ lójú kan. Mílílítà 13 yẹn á wá jẹ́ ojú méjì. Omi tí a sè tí ó ti tutù tàbí omi abẹ́rẹ́ ni ká fi pò ó, kì í ṣe omi odò. Èyí tí a bá pò lónìí, ká lò ó tán lónìí.

Bí a bá fẹ́ mọ̀ bóyá oògùn ló kùnà, ká kọ ọjọ́ abẹ́rẹ́ àti àmì ẹran sílẹ̀, ká sì gba ẹ̀jẹ̀ wọn lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rìnlá. Bí kòkòrò bá ṣì wà lára ẹran kan ṣoṣo, eṣinṣin lè ti tún jẹ ẹ́. Bó bá wà lára ọ̀pọ̀ nínú wọn, ìwọ̀n tàbí oògùn gan-an ni ká fura sí. Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ nínú ọ̀pá gíláàsì tín-ín-rín ni yàrá àyẹ̀wò ń fẹ́. Ẹ̀rọ á yí i títí ìpín pupa á fi rọ̀ sísàlẹ̀. Bí ìpín pupa bá kéré sí ìdá 24 nínú ọgọ́rùn-ún, ẹ̀jẹ̀ ẹran náà ti gbẹ. Ibi tí pupa ti pàdé omi ni wọ́n á wá wò lábẹ́ maikirosíkóòpù, kòkòrò náà á sì máa ta pọ́n-ún pọ́n-ún níbẹ̀.

Àyẹ̀wò yìí ló tún máa ń tú àṣírí kejì, pé kì í ṣe gbogbo ẹran tó rù ni sámọ́rè ń ṣe. Eégbọn náà ń ṣiṣẹ́ tirẹ̀. Bí ibà bá ga tí ìtọ̀ sì pọ́n bí sóbò, bàbésíà ni ká kọ́kọ́ fura sí. Dimínásìn ń pa òun náà, ìyẹn sì wà lára ohun tó ń fún abẹ́rẹ́ yẹ́lò ní orúkọ rere tí kò tọ́ sí i pátápátá: ẹran sàn lóòótọ́, ṣùgbọ́n àrùn eégbọn ló sàn nínú rẹ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ bá gbẹ, tí ẹyinjú pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ibà pọ́njú, tí ìgbẹ́ le, ṣùgbọ́n tí ìtọ̀ kò ní ẹ̀jẹ̀, anapilásímà ló ṣeé ṣe kó jẹ́. Dimínásìn kò lè ṣe é ní nǹkan kan. Ọksitẹtirasáíkílìn ló ń wò ó, òun ló sì ń wo àrùn tí eégbọn ńlá ń fà, tí omi fi ń kún àpò ọkàn, tí ẹran fi ń gbé ẹsẹ̀ ga bí ẹni tí ń rìn nínú omi kó tó ṣubú lójijì. Ṣùgbọ́n èyí kò gba ìjáfara, nítorí tí ẹran bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣubú, oògùn kì í sábà bá a mọ́. Sámọ́rè ní tirẹ̀ a máa lọ́ra: ibà á wá, á lọ, kókó iwájú èjìká á wú, omi á máa dà lójú, aboyún á ṣẹ́nú, ẹran á jẹun síbẹ̀ kò ní í sanra. Tẹtirasáíkílìn kò pa kòkòrò sámọ́rè, bí a tilẹ̀ gún un lójoojúmọ́.

Ẹni tó bá fẹ́ ààbò nínú oògùn, lẹ́búlẹ́bú pupa ló ń wá, ìyẹn aisomẹtamídíọ̀m. Gírámù kan nínú omi mílílítà 50 á fún wa ní èyí tó ní mílígírámù 20 nínú mílílítà kọ̀ọ̀kan. Ní ìwọ̀n 0.5 fún kílò kan, màlúù wa oníkílò 260 á gba mílílítà 6.5. Níbi tí kòkòrò kò bá tíì mọ̀ ọ́n lára, ó lè dáàbò bò ó fún oṣù méjì sí mẹ́rin. Ó gbọ́dọ̀ wọ inú ẹran ara lọ́hùn-ún, torí bó bá dúró sábẹ́ awọ, ibẹ̀ á wú, á sì le. Ètò tó dáa ni pé kí yẹ́lò kọ́kọ́ gbá ẹ̀jẹ̀ mọ́, kí pupa tẹ̀ lé e kí eṣinṣin tó pọ̀, ká sì máa fi wọ́n pààrọ̀ ara wọn. Má ṣe jẹ́ kí ọ̀kan nìkan gba gbogbo ọdún. Ẹran tí a bá gún ní èyíkéyìí, ká má pa á jẹ títí ọjọ́ tí wọ́n kọ sára rẹ̀ á fi pé.

Síbẹ̀, àǹfààní tó pọ̀ jù wà lára eṣinṣin fúnra rẹ̀. Abo tsẹtsẹ kan kì í bí ju ọmọ kan lọ láàárín bí ọjọ́ mẹ́sàn-án sí mẹ́wàá, nítorí náà pípa abo díẹ̀ ń dín wọn kù gan-an. Ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Zimbabwe fi hàn pé ẹsẹ̀ àti ikùn ni eṣinṣin wọ̀nyí máa ń jẹ jù lára màlúù, àgbà ẹran ni wọ́n sì ń yàn ju ọmọ lọ. Ní Uganda, láti 2006, wọ́n lo ọgbọ́n yìí láti fi oògùn fọ́n ẹsẹ̀ àti ikùn dípò gbogbo ara. Ohun tí ẹran kan ń gbà kò ju bí ìdá kan nínú márùn-ún èyí tí gbogbo ara ń gbà.

Dẹltamẹ́tírìn olómi ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún ni oògùn náà, mílílítà kan sínú omi lítà kan. Ẹ̀rọ ìfọ́n tó ń gba lítà 15 á gba mílílítà 15. Kí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ gbingbin láti pátákò dé ikùn, ká sì fọ́n abẹ́ ikùn àti etí àwọn àgbà, lẹ́ẹ̀kan ní ọ̀sẹ̀ méjì ní ìgbà òjò. Ká fi ọmọ màlúù sílẹ̀. Ọmọ ẹran ìbílẹ̀ tí eégbọn bá fi bàbésíà àti anapilásímà ràn ní kékeré máa ń ní okun sí wọn, kí àrùn náà má baà pa á nígbà tó bá dàgbà. Ẹni tó bá fọ eégbọn mọ́ lára gbogbo agbo pátápátá lè máa sin àgbà ẹran tí kò ní okun kankan.

Ní Burkina Faso, kòtò ìfọsẹ̀ ni wọ́n fi ṣe é: ìwọ̀n oògùn kan náà, màlúù á gba inú rẹ̀ kọjá nígbà tó bá ń ti pápá bọ̀. Eégbọn ńlá aláràbarà náà máa ń kọ́kọ́ di mọ́ àárín pátákò kó tó gun òkè nígbà tí ẹran bá dùbúlẹ̀, ibẹ̀ ni oògùn á bá a. Ọjọ́ mẹ́ta-mẹ́ta ni ká máa ṣe èyí lásìkò tí eégbọn ńlá bá pọ̀, ìyẹn ìbẹ̀rẹ̀ òjò. Kòtò lítà 200 á gba mílílítà 200 oògùn. Ẹrẹ̀ ló sábà ń bà á jẹ́, torí ó máa ń gba agbára oògùn mọ́ra, nítorí náà kòtò omi lásán gbọ́dọ̀ wà níwájú rẹ̀ tí wọ́n á ti fọ ẹsẹ̀. Ó sì gbọ́dọ̀ ní òrùlé kí òjò má baà là á. Eégbọn kékeré tó ń gbé bàbésíà kiri máa ń lẹ̀ mọ́ ọrùn àti ikùn, ìfọsẹ̀ kò sì tó fún un, ó ṣì ń fẹ́ ìfọ́n.

Agbo kan ṣoṣo kò lè dín eṣinṣin agbègbè kù, nítorí ó ń fò wá láti ibòmíràn. Bí aládùúgbò mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó ń mumi lódò kan náà bá jọ ń fọ́n in lọ́jọ́ kan náà, ìyàtọ̀ á hàn. Irù, eṣinṣin ńlá mìíràn tó ń mu ẹ̀jẹ̀ màlúù, náà lè gbé irú kòkòrò sámọ́rè kan kiri níbi tí tsẹtsẹ kò sí, torí náà ó yẹ kí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ máa bá a lọ. Omi oògùn tó bá ṣẹ́kù, ilẹ̀ gbígbẹ tó jìnnà sí odò ni ká dà á sí, nítorí díẹ̀ nínú rẹ̀ tó láti pa ẹja inú odò.