Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Ọ̀tún Ni Jésù Sọ: Ọ̀rọ̀ Ìwọ̀sí Ni, Kì í Ṣe Ọ̀rọ̀ Lílù

Nínú Mátíù 5:39, Jésù ní bí ẹnì kan bá gbá ọ ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún, kí o yí òsì sí i pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ ló gbà pé ohun tó ń sọ ni pé kí onígbàgbọ́ káwọ́ gbera, kí wọ́n máa lù ú. Ẹsẹ yìí ni wọ́n fi ń dá obìnrin tí ọkọ rẹ̀ ń lù padà sílé ọkọ. Àmọ́ ẹ tún un kà. Jésù ò kàn sọ pé ẹ̀rẹ̀kẹ́, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún ló sọ.

Ẹ dúró kí ẹ dojú kọ ẹnì kan. Bí ẹ bá fi àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún gbá a létí, ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì rẹ̀ ló máa bà. Kí ọwọ́ ọ̀tún yín tó lè ba ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún rẹ̀, àfi kí ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ gbá a. (Ẹ má gbá a o, ẹ kàn wò ó ni.) Ẹni tó fẹ́ ṣeni léṣe kì í fi ẹ̀yìn ọwọ́ jà, ẹ̀ṣẹ́ ló máa dì. Ẹ̀yìn ọwọ́ wà fún ẹni tí èèyàn fẹ́ fi wọ́lẹ̀ lójú gbogbo ayé.

Ìwé òfin àwọn Júù tó ń jẹ́ Míṣínà jẹ́ ká rí i kedere. Nǹkan bí ọdún 200 lẹ́yìn ìbí Kristi ni wọ́n kó o jọ. Nínú apá rẹ̀ tó ń jẹ́ Bábà Kámà, orí 8, ó ní nǹkan márùn-ún ni ẹni tó lu èèyàn máa sanwó lé lórí: ọgbẹ́ tó dá sí i lára, ìrora, owó ìtọ́jú, ọjọ́ tí kò lè ṣiṣẹ́, àti ìtìjú. Lẹ́yìn náà ló wá dá iye lé ìtìjú. Ẹni tó gbá èèyàn ní ẹ̀ṣẹ́ máa san 4 nínú owó tí wọ́n ń pè ní súsì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé rábì kan ní 100 ni. Ìgbátí jẹ́ 200. Tó bá jẹ́ ẹ̀yìn ọwọ́ ni, 400! Iye kan náà ni ẹni tó tutọ́ sí èèyàn lára máa san, àti ẹni tó ṣí ìborí obìnrin lọ́jà. Ta ni itọ́ dùn lára rí? Ìtìjú nìkan ni wọ́n ń díwọ̀n níbẹ̀, ìyẹn ló fi jẹ́ pé ẹ̀ṣẹ́ tó lè fọ́ eyín ló kéré jù. Súsì kan tó dínárì kan, owó iṣẹ́ òòjọ́ alágbàṣe inú Mátíù 20, nítorí náà 400 ju owó iṣẹ́ ọdún kan lọ. Ìwé náà fi ohun tó lé ní 150 ọdún kéré sí Jésù, kí ẹnikẹ́ni má gbé iye yẹn lọ sórí òkè tí Jésù ti sọ ọ̀rọ̀ yìí. Èyí tó wúlò fún wa ni ohun tí wọ́n kà sí ìwọ̀sí ńlá.

Ká wá sọ pé apẹja kan ní Kápánáúmù bá ọlọ́lá kan ṣe gbólóhùn asọ̀ létí òkun, ọlọ́lá sì fi ẹ̀yìn ọwọ́ gbá a lójú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó lè gbá a padà, torí ojú fún ojú wà nínú Ẹ́kísódù 21, òun gan-an ni Jésù sì tọ́ka sí ní ẹsẹ 38. Ó sì lè pè é lẹ́jọ́ kó gba owó ìtìjú rẹ̀. Jésù dí ọ̀nà méjèèjì. Kò sì ní kó sá lọ. Ó ní kó dúró síbẹ̀, kó kọjú sí i, bí onítọ̀hún bá tún fẹ́ fi ìwọ̀sí kàn án, kó fi kàn án. Ẹ̀tọ́ láti gbẹ̀san iyì rẹ̀ ló ní kó jọ̀wọ́. Nínú nǹkan márùn-ún Míṣínà yẹn, ìkarùn-ún lọ̀rọ̀ yìí kàn. Obìnrin tí ọkọ rẹ̀ ń dá ọgbẹ́ sí lára ní kọ̀rọ̀ yàrá ti kúrò nínú àpèjúwe yìí pátápátá. Ẹkún Jeremáyà 3:30, tí àwọn tó ń gbọ́ Jésù mọ̀, náà so ẹ̀rẹ̀kẹ́ tí a gbé fún ẹni tó ń luni pọ̀ mọ́ ẹ̀gàn.

Àwọn kan tún ti ki àṣejù bọ̀ ọ́. Wọ́n ní ọgbọ́n àyínìke ni: bí o bá yí òsì sí i, kò ní lè lo ẹ̀yìn ọwọ́ mọ́, á di dandan kó bá ọ jà bí ẹgbẹ́ rẹ̀, ojú á sì tì í. Ó dùn-ún gbọ́, ṣùgbọ́n mi ò rí i nínú ọ̀rọ̀ náà. Ohun tó tẹ̀ lé e ni pé kí o fi aṣọ ìlékè kún èyí tí wọ́n fẹ́ gbà ní kóòtù, kí o sì gbàdúrà fún ọ̀tá, èyí tí kì í ṣe ọ̀nà láti dójú ti èèyàn. Lúùkù 6:29 ò tilẹ̀ dárúkọ ọ̀tún rárá. Bó bá jẹ́ pé ọ̀tún ni gbogbo ọgbọ́n náà dúró lé, a jẹ́ pé Lúùkù ti sọ ọ́ nù. Àmọ́ ọ̀rọ̀ ìwọ̀sí dúró síbẹ̀, torí àwọn tó kórìíra yín, tó ń ṣépè fún yín, ni Lúùkù ń sọ ṣáájú.

Ẹ tún wo Jòhánù 18. Ẹ̀ṣọ́ kan gbá Jésù létí níwájú Ánásì. Jésù ò gbá a padà, kò ṣépè, àmọ́ kò wá ìgbátí kejì. Ó ní bí òun bá sọ ohun tí kò dáa, kó jẹ́rìí sí i. Bó bá sì jẹ́ rere ni, kí ló dé tó fi gbá òun? Jòhánù ò sọ pé ẹ̀ṣọ́ fèsì, Ánásì sì ní kí wọ́n mú un lọ sọ́dọ̀ Káyáfà.