"Láàsì nìyẹn": ẹnu kọ́ ló ń jẹ́ kí kọ́sítọ́mà gbà pé owó ti jálẹ̀

Ẹ jẹ́ ká bá ara wa sọ òótọ́, ta ló ṣì ń gba ọlọ́jà gbọ́ tó bá ní "láàsì nìyẹn"? Síbẹ̀ tó bá kan àwa náà láti tajà, ọ̀rọ̀ yẹn náà la máa ń gbójú lé, a rò pé téèyàn bá ti sọ ọ́ gbangba pé owó ti jálẹ̀ tó tún le ojú díẹ̀, oníbàárà máa gbà. Kì í rí bẹ́ẹ̀ o. Ẹni tó ń nájà ò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ ohun tẹ́ ẹ̀ ń sọ, iye tẹ́ ẹ̀ ń yọ ló ń ṣọ́. Tí iye yẹn bá ń kéré sí i, ó máa mọ̀ fúnra ẹ̀ pé ìsàlẹ̀ ti dé, tí ò bá kéré sí i, ẹ lè búra títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Ká mú ẹni tó ń ta aṣọ òkè. Màmá ìyàwó kan dé, ó fẹ́ 40 gèlè fún ìyàwó ṣíṣe, ọlọ́jà pè é ní ₦17,000 ẹyọ kan, màmá ní ₦11,000. (Owó yìí, mo kàn fi ṣàpẹẹrẹ ni o, ẹ má wá bá mi jà lórí iye tí gèlè jẹ́ lọ́jà yín.) Ọlọ́jà yọ ẹgbẹ̀rún kan, ó di ₦16,000. Màmá bẹ̀bẹ̀, ó tún yọ ẹgbẹ̀rún kan, ₦15,000. Wọ́n tún bẹ̀bẹ̀, ó di ₦14,000, ọlọ́jà wá ní "Mọ̀mí, ó ti jálẹ̀ o, mi ò jèrè kankan níbẹ̀ mọ́." Kí lẹ rò pé màmá máa sọ? ₦13,000 ni! Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ti rí i pé tóun bá ṣáà ti ní "ọmọ mi, bá mi ṣe é", ẹgbẹ̀rún kan á já bọ́, kí ló fẹ́ jẹ́ kó rò pé ti ẹlẹ́ẹ̀kẹrin ò ní já bọ́? Ó sì lè jẹ́ pé òótọ́ ni ọlọ́jà ń sọ, pé ₦14,000 ni ìsàlẹ̀ lóòótọ́. Ibi tí ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀ gan-an nìyẹn, torí inú ń bí ọlọ́jà pé wọn ò gba òun gbọ́, màmá náà sì ń wò ó pé ọmọ yìí kàn fẹ́ ṣahun sí òun lójijì ni.

Owó kan náà, ọlọ́jà kan náà, ẹ jẹ́ ká tún un ná.

Kí màmá tó dé rárá, ó ti yẹ kí ọlọ́jà ti ṣírò ìsàlẹ̀ ẹ̀ kó sì kọ ọ́ síbì kan: owó òwú, owó àwọn tó ń hun ún ní Ìsẹ́yìn, owó mọ́tò, àti èrè tó kéré jù tó fi lè sọ pé òun tajà. Ká ní ó já sí ₦14,000. Ó máa pè é ní ₦17,000, ìyẹn ni pé ₦3,000 ló ní lọ́wọ́ tó lè fi ṣeré. Ìdajì ẹ̀ ni kó kọ́kọ́ yọ, ₦1,500, ó di ₦15,500. Tí màmá bá sún sókè, ó yọ ₦750, ó di ₦14,750. Lẹ́yìn ìyẹn ₦350, ₦14,400. Tó bá tún kù, ₦150 péré, ₦14,250, ibẹ̀ ló ti máa dúró. Ẹ rí i pé gbogbo ìgbà ló ń yọ bí ìdajì ohun tó yọ tẹ́lẹ̀, kò sì tíì fọwọ́ kan ìsàlẹ̀. ₦250 ṣì kù lórí gèlè kọ̀ọ̀kan, lórí 40 gèlè, ₦10,000 nìyẹn, mo ń bọ̀ wá sórí ẹ̀.

Ẹ kíyè sí i pé mo ní "tí màmá bá sún sókè". Tí màmá ò bá tíì kúrò lórí ₦11,000, ẹ má yọ kọ́bọ̀ sí i, torí ẹni tó yọ owó lẹ́ẹ̀mejì láìjẹ́ pé oníbàárà fi nǹkan kún tiẹ̀, ara ẹ̀ ló ń bá nájà. Ẹ kàn rọra béèrè pé "Mọ̀mí, èló lẹ máa fi kún un?" kẹ́ ẹ sì dákẹ́. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹ̀dínwó lọ lófìfo. Fún ₦750 yẹn, ẹ lè ní kí wọ́n san ìdajì owó sílẹ̀ lónìí. Fún ₦350, kí wọ́n mú àwọ̀ kan ṣoṣo dípò mẹ́ta, torí àwọ̀ tó pọ̀ ń dá àwọn ahunṣọ dúró. Tí owó bá ń já wálẹ̀ tó sì ní ìdí, màmá ò ní máa rò ó pé ẹ ti fẹ́ rẹ́ òun jẹ tẹ́lẹ̀. Èyí náà ló fà á tí ìyọkúrò àkọ́kọ́ ò fi gbọ́dọ̀ pọ̀ jù, ẹni tẹ́ ẹ bá yọ ₦2,500 fún lẹ́ẹ̀kan náà ò ní dúpẹ́, á ní "ó fẹ́ jà mí lólè tẹ́lẹ̀ nìyẹn".

Mo mọ̀ pé àwọn kan máa ní, kí ni gbogbo wàhálà yìí fún, ṣé kì í ṣe kéèyàn kàn pe láàsì ẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ kó má yẹ̀, pé ìyẹn ni ìwà òdodo. Wọ́n ti dán an wò rí o, nílẹ̀ Amẹ́ríkà. Lẹ́yìn ìyanṣẹ́lódì ọdún 1946, ọ̀gá kan ní iléeṣẹ́ General Electric, Lemuel Boulware, bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ìwádìí ohun táwọn òṣìṣẹ́ ń fẹ́, á wá gbé iye kan ṣoṣo kalẹ̀ fún ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, ó ní ohun tó tọ́ nìyẹn, òun ò ní yẹ̀ ẹ́ àfi tẹ́nì kan bá mú ọ̀rọ̀ tuntun wá. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ kórìíra ẹ̀, wọ́n ní ó sọ àwọn di ẹni tí wọ́n kàn wá ka ìwé sí létí. Nígbà tó di ọdún 1964, ìgbìmọ̀ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ dá iléeṣẹ́ náà lẹ́bi pé bí wọ́n ṣe ń ṣe é, pẹ̀lú àwọn nǹkan míì tí wọ́n ṣe, kì í ṣe ìdúnàádúrà tó ní òótọ́ nínú. Èèyàn ń fẹ́ kóun náà lọ́wọ́ sí iye tó bá jáde. Màmá ìyàwó náà fẹ́ lọ́wọ́ sí i kó lè sọ fún àwọn ẹbí pé èmi ni mo ná an débẹ̀.

Ó wá ku ₦10,000 tá a fi sílẹ̀. Tí màmá bá gbé báàgì, tó ń lọ ní ₦14,250, gbogbo wa la mọ ohun táwọn ọlọ́jà máa ń ṣe, "Ẹ wá, ẹ wá, ẹ mú un wá ní ₦13,500!" Gbogbo iṣẹ́ tẹ́ ẹ ti ṣe ti bàjẹ́ nìyẹn, torí ₦750 lẹ yọ lẹ́yìn ₦150, màmá ti mọ̀ pé irọ́ ni tẹ́lẹ̀, tó bá tún padà wá lọ́dún tó ń bọ̀, kó tó ná an ló ti máa dìde. Ẹ pè é padà o, kò sóhun tó burú níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí owó wà níbi tó wà. Ènì lẹ máa fi pè é: "Mọ̀mí, owó yẹn ò lè kúrò níbẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n màá fi fìlà bàbá ìyàwó ṣe ènì fún yín." Fìlà tí ò ju ₦10,000 yẹn lọ lọ́wọ́ yín, ẹ ò tíì kọjá ìsàlẹ̀, màmá sì rí nǹkan gbé lọ sílé.

Àwọn oníbàárà tó ti pẹ́ lọ́dọ̀ yín ni ẹ máa ṣe yàtọ̀ fún. Àwọn ti mọ ìrìn yín, tẹ́ ẹ bá tún bẹ̀rẹ̀ láti ₦17,000 wọ́n á kàn rẹ́rìn-ín ni. Ẹ pè é ní ₦15,000 fún wọn, ẹ yọ ₦500, lẹ́yìn náà ₦200, kó parí síbẹ̀. Bí ẹni tó wà ní ìsọ̀ kejì bá sì ń ta irú ẹ̀ gan-an ní ₦13,000, ọgbọ́n yìí ò lè ràn yín lọ́wọ́, ẹ lọ wo iye tẹ́ ẹ̀ ń ra òwú.