R² tó ga kò fi hàn pé ìlà tààrà bá dátà mu

Mo tún gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnìkan lọ́sẹ̀ yìí: "R² mi ti wọ 0.99, ìlà tààrà ti bá a mu nìyẹn, kí la tún ń wá?" Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Bí ìlà ṣe sún mọ́ àwọn àmì tó ni R² ń sọ. Bóyá dátà náà tẹ̀ tàbí kò tẹ̀, kò mọ̀ ọ́n.

Dátà kan wà nínú ètò kọ̀ǹpútà R tó ń jẹ́ `women`. Gíga àti ìwọ̀n àwọn obìnrin Amẹ́ríkà ọmọ ọdún 30 sí 39 ló wà níbẹ̀, àmì 15 péré. Ẹ tẹ èyí:

```r
m <- lm(weight ~ height, data = women)
plot(fitted(m), resid(m))
abline(h = 0)
```

R² rẹ̀ jẹ́ 0.991. Tí ẹ bá fa ìlà náà gba àárín àwọn àmì kọjá, ẹ lè má rí àbùkù kankan. Àwòrán àṣẹ́kù ni kí ẹ wò. Ẹ mú ìwọ̀n gidi, kí ẹ yọ iye tí ìlà pè é kúrò. Ohun tó kù ni àṣẹ́kù. Níbi íǹṣì 58, ìwọ̀n gidi jẹ́ pọ́n-ùn 115, ìlà pè é ní 112.6, nítorí náà àmì yẹn wà lókè òdo. Níbi íǹṣì 65, ìlà fi pọ́n-ùn 1.7 pè é jù, àmì bọ́ sí ìsàlẹ̀. Nígbà tó fi máa dé 72, ìlà ti fi pọ́n-ùn 3.1 pè é dín. Ẹ kà wọ́n láti òsì sí ọ̀tún: mẹ́rin lókè, mẹ́jọ nísàlẹ̀, mẹ́ta lókè. Bí igbá tí a dá ojú rẹ̀ sókè ló rí.

Ìlà tó bá dátà mu, ṣe ni àṣẹ́kù rẹ̀ máa ń fọ́n yí òdo ká láìtẹ̀lé ara wọn. Àwọn ti ibí yìí ń tẹ̀lé ara wọn, torí bí gíga ṣe ń pọ̀ ni ìwọ̀n tí íǹṣì kọ̀ọ̀kan ń fi kún un ń pọ̀ sí i. Ẹ kọ ọ́ ní `weight ~ height + I(height^2)`, àṣẹ́kù tó tóbi jù lọ kò ní tó pọ́n-ùn kan mọ́.

Àwọn kan á ní ohun tó ṣẹ́ kù kéré, kò já mọ́ nǹkan. Èmi ò gbà. Akẹ́kọ̀ọ́ kan gbé iṣẹ́ ajílẹ̀ àti àgbàdo wá fún mi, R² rẹ̀ ga, inú rẹ̀ dùn. A ya àṣẹ́kù: àárín wà lókè, ìpẹ̀kun méjèèjì wà nísàlẹ̀. Níbi tí ajílẹ̀ ti pọ̀ jù, àgbàdo ti dúró, ṣùgbọ́n ìlà rẹ̀ ṣì ń gòkè. Ibẹ̀ gan-an ló sì fẹ́ kí àgbẹ̀ náwó sí.

Ó dáa, bí àmì kò bá pọ̀, ojú lè rí ìtẹ̀ tí kò sí. Iye àárín ni dátà `women` náà, ìdí nìyẹn tí ìtẹ̀ rẹ̀ fi hàn kedere bẹ́ẹ̀. Ti ẹnìkọ̀ọ̀kan á fọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ. Síbẹ̀, n kì í ka R² ẹnikẹ́ni kí n tó rí àwòrán àṣẹ́kù rẹ̀.