Kì í ṣe léèdì ló yọ́ nígbà tí ẹ gbé bọ́ọ̀dù sínú ófùnù

Láptọ́ọ̀pù á bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ìlà àti àmì aláwọ̀ tí kò yẹ kó wà síbẹ̀ jáde, lọ́jọ́ kan kò ní mú àwòrán wá mọ́. Ohun tí tẹrú-tọmọ gbà ni pé léèdì abẹ́ ṣíìpù àwòrán, ìyẹn irin tí wọ́n yọ́ láti fi lẹ̀ ẹ́ mọ́ bọ́ọ̀dù, ló là, kí wọ́n fi iná ófùnù yọ́ ọ, á dì padà. Wọ́n á ṣe é, ẹ̀rọ á sì jí. Jíjí yẹn gan-an ló ń tan èèyàn jẹ.

Léèdì ayé òde òní tí kò ní òjé kì í yọ́ àfi tí ó bá dé nǹkan bí 217°C. Ṣùgbọ́n ṣíìpù tó ń ṣàìsàn sábà máa ń jí tí atẹ́gùn gbígbóná bá mú un dé 100 sí 150°C péré. Tí léèdì kò bá yọ́, kí ló wá sàn?

Inú ṣíìpù lọ̀rọ̀ wà. Yàtọ̀ sí àwọn hóró léèdì tó so ṣíìpù mọ́ bọ́ọ̀dù, àwọn mìíràn tó kéré jù wọ́n lọ wà nínú rẹ̀, tí wọ́n so sílíkọ́ọ̀nù mọ́ pátákó kékeré tó gbé e. Bí ẹ̀rọ bá ti ń gbóná tó ń tutù, ìwúsókè sílíkọ́ọ̀nù àti ti pátákó kò dọ́gba, hóró àárín wọn á máa fà títí yóò fi là. Ooru ń mú kí ojú ibi tó là kan ara wọn fúngbà díẹ̀ ni. Lẹ́yìn ọjọ́ tàbí ọ̀sẹ̀ mélòó kan, wọ́n á tún pínyà. Ní oṣù keje 2008, NVIDIA fúnra rẹ̀ kéde pé òun ya 150 sí 200 mílíọ̀nù dọ́là sọ́tọ̀ nítorí irú àbùkù bẹ́ẹ̀ nínú àwọn ṣíìpù láptọ́ọ̀pù kan. Ìdí nìyí tí pípààrọ̀ hóró abẹ́ ṣíìpù náà kò fi ń ṣe é: ṣíìpù àtijọ́ ni wọ́n dá padà.

Ẹ kọ́kọ́ so sikiríìnì mìíràn mọ́ ọn. Tí ìyẹn bá mọ́, wáyà tàbí sikiríìnì ti láptọ́ọ̀pù ni kí ẹ fura sí. Tí ìlà bá hàn lórí méjèèjì, tó sì ti wà lójú BIOS, kí Windows tó wọlé, dúráífà kọ́. Léèdì abẹ́ ṣíìpù lè là lóòótọ́, pàápàá tí ẹ̀rọ bá já lulẹ̀ tàbí tí bọ́ọ̀dù rẹ̀ bá tẹ̀. Ibẹ̀ nìkan ni yíyọ́ léèdì ti bọ́gbọ́n mu.

Àtúnṣe gidi ni ṣíìpù tuntun. Ẹ ṣọ́ra fún èyí tí wọ́n yọ lára bọ́ọ̀dù tó ti kú, tí wọ́n sì fi hóró tuntun sí lábẹ́ kó lè jọ tuntun.

Tí ẹ̀rọ bá ní ṣíìpù àwòrán méjì, ẹ lè dá èyí tó bàjẹ́ dúró. Lórí MacBook Pro 2011 oní-íǹṣì 15, ẹ tẹ Command àti S mọ́lẹ̀ bí ó ti ń tàn, kí ẹ tẹ èyí:

```
nvram fa4ce28d-b62f-4c99-9cc3-6815686e30f9:gpu-power-prefs=%01%00%00%00
reboot
```

Ṣíìpù Intel ló kù tó ń ṣiṣẹ́. Tí macOS yín bá kọ̀ ọ́, ẹ kọ́kọ́ wọ Recovery, kí ẹ ṣí Terminal, kí ẹ tẹ `csrutil disable`. Ihò sikiríìnì ìta kò ní ṣiṣẹ́ mọ́, torí ṣíìpù AMD tí ẹ dá dúró ló ń bọ́ ọ. Inú NVRAM, ìrántí kékeré tí Mac ń fi ètò pamọ́ sí, ni àṣẹ yìí wà; tí ẹnikẹ́ni bá sì pa á rẹ́, ẹ óò tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀.