Aṣọ mẹ́ta fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sàn ju ẹyọ kan tó nípọn lọ nínú òjò

Ẹ jẹ́ n sọ tèmi nípa ọ̀rọ̀ táwọn ìyá wa máa ń sọ téèyàn bá fẹ́ gun máṣíìnì jáde lóṣù kẹjọ, pé "wọ aṣọ tó nípọn o, òjò ń bọ̀." Èmi ò fara mọ́ ọn rárá. Aṣọ nípọnnípọn tó bá ti jẹ́ kọ́tìn, tí omi bá wọ inú ẹ̀ tán, kí lo fẹ́ fi ṣe? Ó sàn kéèyàn wọ aṣọ fẹ́lẹ́ mẹ́ta léra, tó bá ṣáà ti mọ èyí tó yẹ kó kan ara àti èyí tó yẹ kó wà lókè.

Àbúrò mi kan ló rí i kòrókòró. Òwòdé l'Ọ̀yọ́ ló ń gbé, ó ń bọ̀ l'Ógbòmọ̀ṣọ́ wá kí ìyá ìyá wa. Ó wọ búbá àǹkárá sínú, ó wá gbé súẹ́tà kọ́tìn kan lé e, èyí tó ní fìlà lẹ́yìn yẹn, ó wúwo débi pé ẹ lè fi ṣe ìrọ̀rí, ó wọ jíǹsì, ó ki jẹ́sì bọ́ọ̀lù ẹ̀ sínú náílọ́ọ̀nù ó jù ú sínú báàgì torí ó fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ kejì. Réńkóòtù ńkọ́? Oòrùn ń ràn nígbà tó ń kúrò nílé, ló ní.

Kó tó dé Odò Ọbà lòjò bá a, òjò wẹliwẹli tí kì í pariwo tí kì í sì í dá. Ó ní súẹ́tà òun nípọn, ó ń lọ. Ní tòótọ́ kò kọ́kọ́ mọ nǹkan kan lára, àfi ìgbà tí súẹ́tà mu omi yó tí omi wá ń ti etí apá ẹ̀ kán sórí táǹkì, gbogbo ìgbà tó bá ti fún máṣíìnì níná báyìí á dà bíi pé wọ́n gbé yìnyín lé e láyà. Eyín ẹ̀ ń lu ara wọn, ìyẹn ò tiẹ̀ bà á lẹ́rù. Ohun tó bà á lẹ́rù ni pé ó fẹ́ tẹ kílọ́ọ̀ṣì, ìka ọwọ́ ẹ̀ ò gbọ́ tiẹ̀ mọ́. Ló bá yà sábẹ́ àtíbàbà ìyá kan tó ń ta ẹ̀kọ gbígbóná.

Bàbá kan tó ń fi máṣíìnì kó iṣu ti wà níbẹ̀ tó ń dúró de òjò. Àbúrò mi kí i, "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ sà," bàbá ò tiẹ̀ dáhùn, ọwọ́ ọmọ náà ló ń wò.

"Ìwọ ọmọ yìí, bọ́ súẹ́tà yẹn."

"Bàbá, òtútù ń mú mi, ẹ tún ní kí n bọ́ aṣọ?"

"Òun gan-an ló ń mú ẹ. Bọ́ ọ jàre, bọ́ búbá náà."

Wọ́n di súẹ́tà yẹn mú lápá ọ̀tún àti lápá òsì, wọ́n fún un, omi tó dà níbẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kún abọ́ ìṣanwọ́ ìyá ẹlẹ́kọ. Gbogbo omi yẹn ló gbé káàkiri láyà láti ọ̀nà o! Ẹ wò ó, aṣọ fúnra ẹ̀ kọ́ ló ń jẹ́ kára móoru, afẹ́fẹ́ tó há sáàárín fọ́nrán ẹ̀ ni. Kọ́tìn fẹ́ràn omi, tó bá ti mu ún, omi á lé afẹ́fẹ́ yẹn jáde á jókòó síbẹ̀, omi sì máa ń kó ooru kúrò lára ní nǹkan bí ìlọ́po 25 ju afẹ́fẹ́ tó dúró jẹ́ẹ́ lọ. Atẹ́gùn orí máṣíìnì á tún máa fà á gbẹ, bó sì ṣe ń gbẹ ló ń fi ooru ara ẹ gbẹ. Ìdí nìyí téèyàn fi lè gbọ̀n pìpì l'Ógbòmọ̀ṣọ́ ńbí tí òtútù ò pọ̀ tó tòkè òkun. Wọ́n máa ń rò pé àfi ibi tí yìnyín bá ti ń bọ́ lòtútù ti lè ṣe èèyàn léṣe, irọ́ ni, téèyàn bá ti tutù tí atẹ́gùn sì ń fẹ́ sí i, ó ti tó.

Bàbá wá ṣí réńkóòtù tiẹ̀ hàn án. Jẹ́sì bọ́ọ̀lù ló kan ara, súẹ́tà òkìríkà onírun múlọ́múlọ́ tẹ̀ lé e, réńkóòtù ló wà lókè pátápátá. Jẹ́sì yẹn, pólísítà ni, kì í mu omi sínú, ṣe ló ń gbé òógùn kúrò lára. Ti àárín ló ń há afẹ́fẹ́ mọ́lẹ̀. Tòkè ń dá òjò àti atẹ́gùn dúró. Tẹ́ ẹ bá yọ tòkè, atẹ́gùn á gba àárín múlọ́múlọ́ yẹn kọjá bí ẹni gba asẹ́ kọjá, tẹ́ ẹ bá sì fi búbá kọ́tìn rọ́pò jẹ́sì, òógùn nìkan ti tó láti rin yín látinú wá.

Àbúrò mi rántí jẹ́sì inú báàgì. Ó nu ara ẹ̀ gbẹ ná (èyí ṣe pàtàkì o, ẹ má wọ aṣọ gbígbẹ lé ara tútù), ó wọ jẹ́sì, ìyá ẹlẹ́kọ yá a ní kádígàn òkìríkà kan, wọ́n wá gé ihò mẹ́ta sí náílọ́ọ̀nù dúdú ńlá tí wọ́n fi ń kó ìdọ̀tí, ọ̀kan fún orí, méjì fún apá, ó di réńkóòtù. Ọkùnrin kan fẹ́ fún un ní ògógóró, bàbá ní rárá, ó ní ògógóró á tan ẹ̀jẹ̀ wá sí awọ ara, á dà bíi pé ara ń gbóná nígbà tí ooru inú ń sá lọ. Ẹ̀kọ gbígbóná ló mu. Bàbá ò jẹ́ kó gbéra àfi ìgbà tí gbígbọ̀n yẹn dáwọ́ dúró tí ìka ẹ̀ sì lè de bọ́tìnnì fúnra ẹ̀. Àmọ́ ẹ kíyè sí i, tí gbígbọ̀n bá dáwọ́ dúró nígbà tẹ́nì kan ṣì tutù rinrin, tó wá ń sọ kántankàntan, ara kọ́ ló ń yá yẹn, ọsibítù ni kẹ́ ẹ gbé e lọ kíákíá.

Ó dé ilé láyọ̀. Apá kádígàn tutù torí náílọ́ọ̀nù ò bo apá, jíǹsì ńkọ́, ẹ má tiẹ̀ dárúkọ ẹ̀, itan ẹ̀ le bí igi. Ṣùgbọ́n àyà àti ẹ̀yìn gbẹ, ó sì rọra wá ni, torí bí máṣíìnì bá ṣe ń sáré tó latẹ́gùn ń pọ̀ tó.

Tẹ́ ẹ bá dé ọjà òkìríkà, ẹ má gba ọ̀rọ̀ ẹnu ọlọ́jà gbọ́. Ẹ fa fọ́nrán kan yọ nínú aṣọ, ẹ fi iná sí i níta. Kọ́tìn á jó bíi bébà, á di eérú fífúyẹ́. Pólísítà á yọ́, á kó jọ di kóró líle dúdú. Òwú àgùntàn ní tiẹ̀ á rùn bí irun tó jóná, tẹ́ ẹ bá rí ìyẹn ẹ tètè sanwó, torí ó ṣì ń jẹ́ kára móoru díẹ̀ tó bá tutù. Réńkóòtù náílọ́ọ̀nù náà ní wàhálà tiẹ̀, kì í jẹ́ kí òógùn jáde, tẹ́ ẹ bá ń ti máṣíìnì tàbí tẹ́ ẹ bá ru ẹrù, ẹ ṣí ọrùn ẹ̀ díẹ̀. Ẹ má sì ra èyí tó fún pinpin, á tẹ aṣọ àárín pa, afẹ́fẹ́ ò ní ríbi jókòó sí, ẹ ra èyí tó fi sáìsì kan jù yín lọ.