Ipá mẹ́rúwà àti ipá ọmọlanke kì í pa ara wọn rẹ́

“Òfin kẹta Newton ní bí mẹ́rúwà bá ti ọmọlanke, ọmọlanke á tì í padà ní ìwọ̀n kan náà. Ipá méjèèjì ti pa ara wọn rẹ́ nìyẹn, kò sóhun tó yẹ kó rìn. Ẹ kàn há òfin náà sórí fún ìdánwò.”

Rárá o, àbúrò. Ipá méjì kì í pa ara wọn rẹ́ àfi bí wọ́n bá wà lára ohun kan ṣoṣo. Ti mẹ́rúwà wà lára ọmọlanke. Ti ọmọlanke wà lára mẹ́rúwà.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ti Kubwa níbí. Ọmọlanke àti jẹ́ríkánì omi rẹ̀ wọn kílò 200. Mẹ́rúwà fi níútìn 150 tì í, ilẹ̀ àti táyà fi 50 dá a dúró. Ó ku 100. Òfin kejì, F = ma, fún wa ní 100 ÷ 200 = 0.5 m/s². Ó ń yára sí i nìyẹn.

Mẹ́rúwà ńkọ́? Kílò 60 ni, ó sì ń yára bákan náà, nítorí náà ó nílò níútìn 30 síwájú. Ọmọlanke ń fi 150 tì í sẹ́yìn. Ilẹ̀ ló gbọ́dọ̀ fi 180 ti ẹsẹ̀ rẹ̀ síwájú. Ìdí nìyí tí ẹsẹ̀ fi ń yọ̀ nínú ẹrẹ̀: ilẹ̀ kò lè fún un ní 180 yẹn.

Bí ó bá dín títì kù sí 50, ọmọlanke kò ní dúró. Eré tó ti ń sá tẹ́lẹ̀ náà ni yóò máa sá lọ. Òfin kìíní nìyẹn.